Àpò gọ́ọ̀mù 4 àbí 8? Bí eyín tírówẹ́lì, ìwọ̀n táìlì àti àlàfo ṣe ń sọ iye tí ẹ máa rà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Akóbọ̀ n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé kan, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó fẹ́ lẹ táìlì sí pálọ̀ rẹ̀, ó sì ti pe alátáìlì méjì kí wọ́n wá wo ilẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní kó ra àpò gọ́ọ̀mù 4. Ẹnì kejì wọ pálọ̀ kan náà, ó wọn ilẹ̀ kan náà, ó ní kó ra 8.

“Èwo nínú àwọn méjèèjì ló fẹ́ jí gọ́ọ̀mù mi gbé?” ó bi mí.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó lè jẹ́ pé kò sí olè níbẹ̀. Ẹ bá mi bi wọ́n, eyín tírówẹ́lì wọn gùn tó mélòó?”

Ó pòṣé. “Eyín kẹ̀? Mo ń sọ̀rọ̀ owó, ìwọ ń sọ̀rọ̀ eyín.”

Ṣùgbọ́n inú eyín yẹn gan-an ni owó wà. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun, àríyànjiyàn àpò mélòó yìí sì ni mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn onílé. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ lè fi bírò àti tákàdá ṣírò tiyín kí ẹ tó dé ṣọ́ọ̀bù.

Kí ni gọ́ọ̀mù, kí ni gíráòtì, kí sì ni tírówẹ́lì eléyín?

Gọ́ọ̀mù táìlì ni lẹ́búlẹ́bú tó wà nínú àpò tí a ń fi omi pò, tó ń di táìlì mọ́ ilẹ̀ tàbí ògiri. Sìmẹ́ńtì, yanrìn lẹ́búlẹ́bú àti èròjà tó ń jẹ́ kó lẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí sìmẹ́ńtì àti yanrìn lásán tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà ṣì ń tẹ́ nípọn sábẹ́ táìlì. Ìṣirò ti yẹn lọ́tọ̀, n ò sì ní fi ọwọ́ kàn án níbí.

Gíráòtì ni èyí tí a ń kì sínú àlàfo tó wà láàárín táìlì kan àti èkejì lẹ́yìn tí táìlì bá ti gbẹ. Àwọn kan ń fi sìmẹ́ńtì funfun dípò rẹ̀. Sìmẹ́ńtì funfun lásán máa ń sún kì, ó sì máa ń sán, torí náà gíráòtì gan-an ni mo ń sọ níbí.

Tírówẹ́lì eléyín ni irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé etí rẹ̀ bí eyín ìyàrí. Eyín yẹn lè gùn ní mílímítà 6, 8, 10 tàbí 12. Bí ẹ bá gbọ́ “tírówẹ́lì 10,” mílímítà 10 ni eyín rẹ̀ gùn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àlàfo tó wà láàárín eyín sí eyín sábà máa ń fẹ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, sìkúwíà. Ilẹ̀ tó gùn ní mítà 1, tó tún fẹ̀ ní mítà 1, ni sìkúwíà kan. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi gùn ní mítà 5, ó fẹ̀ ní mítà 4, nítorí náà sìkúwíà 20 ni.

Kí ló dé tí eyín mílímítà 10 kò fi gọ́ọ̀mù mílímítà 10 sílẹ̀?

Ẹni tó bá ti dé oko rí yóò tètè mọ èyí. Bí alátáìlì bá da gọ́ọ̀mù sílẹ̀ tó sì fi tírówẹ́lì eléyín fà á, ohun tó kù nílẹ̀ dà bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Ibi tí àlàfo eyín gbà kọjá di ebè, ibi tí eyín fúnra rẹ̀ gbà kọjá di aporo. Ebè ga, aporo ṣófo.

Bí wọ́n bá wá gbé táìlì lé e tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ebè á wó, á sì kún inú aporo. Bí ebè àti aporo bá fẹ̀ bákan náà, gíga tó máa kù kò ní ju ìdajì gíga ebè lọ, nítorí gọ́ọ̀mù tó wà níbi kan ti tàn dé ibi méjì. Ìdí nìyẹn tí eyín 10 fi ń fi nǹkan bíi mílímítà 5 sílẹ̀ lábẹ́ táìlì, tí eyín 6 sì ń fi 3 sílẹ̀.

Ìyẹn náà kò tíì parí. Mílímítà 5 yẹn máa jóòótọ́ bí alátáìlì bá di tírówẹ́lì mú ní òró ṣánṣán, kò sì sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa là ń dẹ̀ ẹ́. Bí irin bá sì ti dẹ̀, eyín náà ti dẹ̀ nìyẹn, ebè á kúrú. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ní ìwọ̀n dígírì 60, ebè eyín 10 á ga ní nǹkan bíi mílímítà 8.7, tó bá wó á ku 4.3. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ dé agbedeméjì, dígírì 45, ebè á ga ní 7, á sì ku 3.5. Ẹni tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ tírówẹ́lì rẹ̀ sílẹ̀, ní dígírì 30, kò ní fi ju 2.5 sílẹ̀ lọ. Irin kan náà ni, eyín kan náà ni, ọwọ́ ló yàtọ̀. Mo ti rí ọmọọṣẹ́ méjì tí wọ́n jókòó sí yàrá kan náà pẹ̀lú tírówẹ́lì tí a rà pọ̀ lọ́jọ́ kan, tí gọ́ọ̀mù ọ̀kan tán kí tèkejì tó dé ìdajì.

Ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í wò ni pé eyín tírówẹ́lì máa ń kúrú. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ń yún irin bí òkúta ṣe ń yún àdá. Ẹ mú tépù, kí ẹ wọn eyín tírówẹ́lì tí alátáìlì yín gbé wá. Mo ti wọn “tírówẹ́lì 10” tó ti di 7 rí, ẹni tó ni ín kò sì mọ̀.

Báwo ni mílímítà ṣe ń di kílò, tí kílò ń di àpò?

Ibí yìí rọrùn. Bí a bá tẹ́ gọ́ọ̀mù sórí sìkúwíà kan ní ìnípọn mílímítà 1, yóò jẹ nǹkan bíi kílò 1.3 lẹ́búlẹ́bú. Ó lè jẹ́ 1.2, ó lè jẹ́ 1.5, ẹni tó ṣe é ló mọ bó ṣe po ó, ó sì sábà máa ń wà lára àpò. Bí kò bá sí lára àpò, 1.3 ni kí ẹ lò.

Ìṣirò náà kò ju báyìí lọ: ìnípọn tó kù lábẹ́ táìlì, lọ́nà 1.3, lọ́nà iye sìkúwíà. Kí ẹ wá fi ìwọ̀n àpò pín in. Àpò kílò 20 ló pọ̀ lọ́jà wa, ṣùgbọ́n ti kílò 25 náà wà, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa.

Ìṣirò kan náà yìí lẹ lè fi yẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sára àpò wò. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àpò kílò 20 kan máa tó sìkúwíà 5, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kílò 4 ni wọ́n fún sìkúwíà kan. Ẹ fi 1.3 pín 4, ó di nǹkan bíi 3. Ẹ ti rí i pé gọ́ọ̀mù tó nípọn ní mílímítà 3 ni wọ́n ń sọ, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Wọn ò kàn sọ fún yín pé eyín kékeré àti táìlì kékeré ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ta ló ń yan eyín?

Táìlì ló ń yan án. Ẹ gbé àpótí ìjókòó kékeré sórí ilẹ̀ gbágungbàgun, kò sí bí kò ṣe ní rí ibi tó máa bá ilẹ̀ mu. Ẹ wá gbé pákó gígùn sórí ilẹ̀ kan náà, ibi gíga méjì ló máa dúró lé, abẹ́ rẹ̀ yóò sì ṣófo láàárín. Bí táìlì 60 sẹ̀ǹtímítà ṣe rí lójú ilẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe ń tóbi sí i bẹ́ẹ̀ ló ń fo kòtò kéékèèké, gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ nípọn tó kó lè kún kòtò yẹn. Táìlì fúnra rẹ̀ kò sì tẹ́jú pátápátá, ẹ kó méjì jọ kí ẹ dojú wọn kọra, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ ló tẹ̀ díẹ̀ láàárín.

Ohun tí èmi ń lò rèé. Fún táìlì ògiri kékeré, bíi 25 nínú 40, eyín 6 tó. Fún 30 nínú 60 lára ògiri, eyín 8. Fún 60 nínú 60 nílẹ̀, eyín 10. Bó bá ti di 60 nínú 120, eyín 12 ni mo ń gbé, n ó sì fi ojú pẹlẹbẹ tírówẹ́lì ra gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́yìn táìlì pẹ̀lú kí n tó gbé e kalẹ̀, bí ẹni ra bọ́tà sí búrẹ́dì. Mo máa ń ṣe èyí fún 60 nínú 60 náà, nítorí ẹ̀yìn wọn máa ń ní ìlà àti ihò wẹ́wẹ́ tí gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wọ̀. Ìrara yẹn jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 1, ìyẹn kílò 1.3 mìíràn fún sìkúwíà kan. Ẹni tí kò bá fi í sí ìṣirò ni gọ́ọ̀mù máa tán mọ́ lọ́wọ́ nígbà tó bá ku ìlà méjì kó débi ilẹ̀kùn.

Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi: báwo ni 4 àti 8 ṣe jẹ́ òótọ́?

Táìlì 60 nínú 60 ló rà, tó nípọn ní mílímítà 9. Nígbà tó padà bi àwọn ọkùnrin méjèèjì léèrè ọ̀rọ̀ eyín tí mo sọ, ẹni àkọ́kọ́ ní tírówẹ́lì 6 ni tòun, ẹnì kejì ní 10.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti ẹni àkọ́kọ́. Eyín 6 tí a dẹ̀ díẹ̀ máa fi nǹkan bíi mílímítà 2.6 sílẹ̀. 2.6 lọ́nà 1.3 jẹ́ kílò 3.4 fún sìkúwíà kan. Lọ́nà sìkúwíà 20, ó di kílò 68. Ẹ fi 20 pín in, àpò 3.4. Ó ní kó ra 4. Ìṣirò rẹ̀ pé.

Ẹnì kejì ńkọ́? Eyín 10 tí a dẹ̀ díẹ̀ fi 4.3 sílẹ̀, ìyẹn kílò 5.6 fún sìkúwíà kan. Ó ní òun máa ra ẹ̀yìn táìlì, ẹ fi 1.3 kún un, ó di 6.9. Lọ́nà 20, kílò 138. Ẹ fi díẹ̀ kún un fún èyí tó máa gbẹ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti èyí tó máa jábọ́, ká ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó di nǹkan bíi kílò 152. Àpò 7.6. Ó ní kó ra 8. Ìṣirò tirẹ̀ náà pé.

Àwọn méjèèjì mọ ìṣirò. Ọ̀rọ̀ tó kù ni pé eyín 6 kò bá táìlì 60 nínú 60 mu. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ yẹn, àpò 4 máa tó o lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ táìlì á ṣófo káàkiri.

Mo tún ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe nǹkan kan kó tó ra ohunkóhun, kó gba rénjì, irin gbọọrọ tí àwọn bíríkìlà ń lò, kó gbé èyí tó tó mítà 2 lélẹ̀ níbi púpọ̀ nínú pálọ̀, kó wo ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ihò abẹ́ rẹ̀ bá ju mílímítà 3 lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ilẹ̀ ṣe. Ìdí rèé: mílímítà kan péré tí a bá fi gọ́ọ̀mù dí káàkiri sìkúwíà 20 yóò jẹ kílò 26, ó ju àpò kan lọ. Bí ilẹ̀ bá wọ́ ní mílímítà 3 ní ìpíndọ́gba, kílò 78 ni, bí àpò 4 nìyẹn, tí kò sí nínú ìṣirò alátáìlì kankan nínú àwọn méjèèjì. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn tí bíríkìlà máa fi tẹ́ ilẹ̀ yẹn kò ní náni tó bẹ́ẹ̀ rárá. Gọ́ọ̀mù tó bá sì nípọn jù máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, á sì fa táìlì wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi dára àyàfi lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí wọ́n ti da omi sí kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ láyé ọjọ́un. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n tún ṣe.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé gọ́ọ̀mù tó lábẹ́ táìlì?

Ẹ jẹ́ kó lẹ ẹyọ kan, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá ní kó tú u lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá ṣì ń rí ìlà ebè gbọọrọ gbọọrọ pẹ̀lú ojú táìlì láàárín wọn, ebè kò wó tán: bóyá eyín kéré, bóyá wọn ò tẹ̀ ẹ́ tó, bóyá gọ́ọ̀mù ti gbẹ lójú. Òdiwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò ni pé kí gọ́ọ̀mù bo ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 ẹ̀yìn táìlì nínú yàrá gbígbẹ, kó sì bo ìdá 95 ní balùwẹ̀ àti níta. Mi ò rí ìdí tí tiwa fi gbọ́dọ̀ kéré sí i.

Gbígbẹ lójú yẹn ń ṣẹlẹ̀ gan-an nílẹ̀ olóoru. Lórí ọ̀pọ̀ àpò, wọ́n kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú 20 ni ẹ ní láti gbé táìlì lé ebè lẹ́yìn tí ẹ bá fà á. Ìṣẹ́jú 20 yẹn, inú yàrá ìdánwò tó tutù ni wọ́n ti kà á. Ní oṣù Kejì, tí fèrèsé ṣí sílẹ̀ tí atẹ́gùn ń wọlé, kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìka kan ebè: bí gọ́ọ̀mù bá lẹ̀ mọ́ ìka, ó ṣì dára. Bí ìka bá jáde ní mímọ́, ẹ ha á kúrò, ẹ dà á nù. Omi tí àwọn kan máa ń wọ́n sórí rẹ̀ kò ní jí i padà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fa gọ́ọ̀mù sílẹ̀ ju ibi tí táìlì méjì tàbí mẹ́ta máa gbà lọ.

Ẹ tún wo bí ebè ṣe dojú kọ. Ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ nà gbọọrọ sí ọ̀nà kan, kí afẹ́fẹ́ rí aporo gbà jáde nígbà tí ẹ bá ń tẹ táìlì. Bí wọ́n bá yí i po bí ìkarahun ìgbín, afẹ́fẹ́ á há sáàárín. Èyí tó tún burú jù ni kí wọ́n bu gọ́ọ̀mù ṣọkọ-ṣọkọ márùn-ún sẹ́yìn táìlì, mẹ́rin nígun, ọ̀kan láàárín. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún èmi náà rí, nínú kíṣìnnì ilé tí mo yá, kí n tó kọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa. Bí mo bá fi owó ẹyọ kan táìlì, ṣọkọ ibi gọ́ọ̀mù á dún gbì, ibi tó kù á dún kókó bí igbá òfìfo. Ìkòkò ọbẹ̀ kan já bọ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀, kò tiẹ̀ wúwo, táìlì fọ́ lẹ́nu ihò yẹn, ìyókù rẹ̀ kò mì.

Gíráòtì mélòó? Ẹ ronú sí ògiri àjọni

Ìṣirò gíráòtì máa ń dẹ́rù bani ju ti gọ́ọ̀mù lọ nítorí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára páálí:

```
(A + B) ÷ (A × B) × C × D × 1.6 = kg/m²
```

A ni gígùn táìlì, B ni ìbú rẹ̀, C ni ìnípọn rẹ̀, D ni ìbú àlàfo. Gbogbo wọn ní mílímítà. 1.6 ni bí gíráòtì ṣe wúwo tó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbàgbé lẹ́tà fúngbà díẹ̀.

Àlàfo dà bí ògiri tó wà láàárín ilé méjì. Ẹ̀yin àti aládùúgbò lẹ jọ ni ín, ẹ ò lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Táìlì ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n òun àti aládùúgbò rẹ̀ ló jọ ni ìkọ̀ọ̀kan, torí náà ẹ̀gbẹ́ méjì péré ló jẹ́ tirẹ̀. Fún táìlì 60 nínú 60, ẹ̀gbẹ́ méjì jẹ́ mítà 1.2. Sìkúwíà kan ń gba táìlì tó dín díẹ̀ ní mẹ́ta, nígbà tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, gígùn àlàfo inú sìkúwíà kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.3. Ohun tí apá àkọ́kọ́ lẹ́tà òkè yẹn ń sọ nìyẹn.

Ẹ wá fojú inú wo àlàfo yẹn bí gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn ní mítà 3.3, tó jìn ní mílímítà 9 nítorí bẹ́ẹ̀ ni táìlì ṣe nípọn, tó sì fẹ̀ ní mílímítà 3 nítorí sípésà 3, ike kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín táìlì, ni wọ́n lò. Ohun tó máa kún gọ́tà yẹn kò tó agolo mílíìkì kan. Ní ìwọ̀n, gíráàmù 144 ni. Lọ́nà sìkúwíà 20, kílò 2.9. Ẹ fi díẹ̀ kún un fún èyí tó máa kù sórí táìlì tí fóòmù máa nù dànù, kílò 3.5 tó fún gbogbo pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀kan nínú àwọn alátáìlì ti ní kó ra 10. Níbí, mi ò bẹ̀bẹ̀ fún un.

Nǹkan mẹ́ta péré ló lè yí iye yẹn padà: bí táìlì ṣe tóbi tó, bó ṣe nípọn tó, àti bí àlàfo ṣe fẹ̀ tó. Bí ẹ bá sọ àlàfo di mílímítà 5 dípò 3, kílò 2.9 á di 4.8. Bí táìlì bá jẹ́ 30 nínú 30 tó nípọn ní mílímítà 9, gígùn àlàfo á di ìlọ́po méjì, gíráòtì náà á di ìlọ́po méjì.

Èyí tó máa ń ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu jù ni táìlì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lẹ mọ́ àwọ̀n, tí a fi ń ṣe ilẹ̀ ibi ìwẹ̀. Ká ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 25 nínú 25, tó nípọn ní 4, àlàfo 2. Sìkúwíà kan yóò jẹ gíráòtì tó tó kílò 1. Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀: ibi ìwẹ̀ sìkúwíà 2 á jẹ kílò 2, pálọ̀ sìkúwíà 20 kò jẹ tó 3. Ẹni tó bá fi ìbú yàrá nìkan díwọ̀n gíráòtì máa ra àpọ̀jù fún pálọ̀, kò sì ní ra tó fún balùwẹ̀.

Ṣé ẹ lè sọ àlàfo di òfo kí ẹ má baà ra gíráòtì?

Wọ́n máa ń bi mí. Pálọ̀ máa ń dán lójú bí táìlì bá fara kanra, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ooru ń mú táìlì àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fẹ̀, bí kò bá sí àyè, wọn á máa ti ara wọn títí méjì á fi dìde bí òrùlé ahéré. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ láti yàrá, ó máa ń ró bí ìgbà tí nǹkan bú.

Táìlì tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé etí rẹ̀ lẹ́yìn tó jáde nínú iná máa ń bára mu, àlàfo 2 lè tó o. Èyí tí wọn ò gé máa ń tóbi jura lọ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páálí kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ kó mẹ́wàá lé ara wọn, kí ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ wọn: bí ó bá ń yọ síta, tó ń wọlé, ẹ má lọ sísàlẹ̀ mílímítà 3, àlàfo ló máa gba àìbáramu yẹn mọ́ra. Bó bá sì ti ju 3 lọ, gíráòtì oníyanrìn ni kí ẹ rà, èyí tí kò ní yanrìn á sán nínú àlàfo tó fẹ̀.

Ibi kan wà tí gọ́ọ̀mù àti gíráòtì ti ń pàdé. Bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ lábẹ́ táìlì, á yọ sókè nínú àlàfo. Bí alátáìlì kò bá fi ọ̀bẹ tàbí ìṣó ha á kúrò kó tó gbẹ, gọ́tà tó yẹ kó jìn ní mílímítà 9 á ku 2 tàbí 3. Gíráòtì tí ẹ rà á ṣẹ́kù rẹpẹtẹ, inú yín á dùn, títí tí èyí tó wà nílẹ̀ á fi máa ṣí bí èépá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Nítorí náà, bí gíráòtì bá ṣẹ́kù ju bí ìṣirò ṣe wí lọ, ẹ fi bíńtínrín igi ṣán inú àlàfo tí wọn ò tíì kì, kí ẹ wo bó ṣe jìn. Ó kéré tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìnípọn táìlì ló yẹ kó ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹnì kejì. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mo ní kó tú táìlì kẹta. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún dé igun, àfi igun kan tó ku bí ìwọ̀n owó ẹyọ. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n parí, àpò kẹjọ ṣì kù díẹ̀ ju ìdajì lọ. Wọ́n ki gíráòtì lẹ́yìn wákàtí 24, kílò 3 àti díẹ̀ ni wọ́n lò nínú 5 tó rà. Ó di ẹnu ọ̀rá tó kù, ó fi páálí táìlì kan tó ṣẹ́kù tì í, ó sì fi bírò kọ nọ́ńbà ara ọ̀rá gíráòtì náà sára ògiri sítọ́ọ̀ rẹ̀, nítorí àwọ̀ kan náà tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ kì í sábà bára mu.